Apá rọ́bọ́ọ̀tì mi ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ síláídìn móòdù: báwo ni mo ṣe lè pa ariwo rẹ̀ láìpa agbára rẹ̀?

Táíwò_Apá

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń ṣe apá rọ́bọ́ọ̀tì kan tó ń gbé nǹkan láti orí tábìlì kan sí òmíràn, oríkèé ìgúnpá rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Mọ́tò oníná fólítì 24 ló ń yí i, gíà 30 sí 1 ló wà láàárín wọn. Ẹnkódà wà lẹ́yìn gíà, lára oríkèé gan-an, ó ń ka 2000 bí oríkèé bá yípo lẹ́ẹ̀kan. Kóòdù mi ń ṣiṣẹ́ ní mílísẹ́kọ́ǹdì 5-5.

Ohun tó jẹ́ kí n yan síláídìn móòdù, ìdarí tó ń ti mọ́tò tagbáratagbára síwá sẹ́yìn kí àṣìṣe lè máa rìn lórí ìlà kan lọ sí òdo, ni pé ẹrù apá yìí kì í dúró sójú kan. Nígbà míì ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, nígbà míì ó gbé kílò 2 sí iwájú tó jìn tó mítà 0.3. Mo ṣírò rẹ̀ pé J rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ṣòro yí tó, jẹ́ 0.12 bí ọwọ́ bá ṣófo, ó di 0.30 bí ẹrù bá wà níbẹ̀. PID tí mo kọ́kọ́ lò dára fún ọwọ́ òfìfo, ṣùgbọ́n tí ẹrù bá ti dé, ó ń fì síwá sẹ́yìn kó tó dúró. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo so kílò 2 mọ́ ọn, mo tún tú u, bákan náà ló ń rìn, àfi bíi pé kò mọ̀ pé ẹrù wà lọ́wọ́ òun. Ó wù mí gan-an.

Ariwo rẹ̀ ni mi ò lè fara dà. Mọ́tò ń kùn ṣáá, kódà nígbà tí apá dúró jẹ́ẹ́. Eyín gíà ń dún gọ̀-gọ̀-gọ̀. Kò pẹ́ rárá tí ara mọ́tò fi ń gbóná débi pé èèyàn ò lè fọwọ́ lé e. Kóòdù rèé, `e` ni àṣìṣe ibi tí oríkèé wà, `de` ni àṣìṣe eré rẹ̀, `K` ni agbára tó pọ̀ jù:

```
s = de + lam*e;      // lam = 10
u = -K*sat(s/phi);   // K = 12 Nm, phi = 0.05
```

`sign(s)`, tó ń fò láti -1 sí 1, ni mo kọ́kọ́ lò. Mo kà á níbì kan pé kí n fi `sat`, tó ń gùn díẹ̀díẹ̀ bí `s` bá wà láàárín -phi àti phi, rọ́pò rẹ̀ kí ó lè fara balẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò yàtọ̀. Kí ni mi ò ṣe?

Fáàfù_Ọ̀ṣun

Mo mọ ariwo yẹn dáadáa. Ní iléeṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹnì kan fi irú ìdarí yìí sórí fáàfù tó ń darí afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà. Ta-ta-ta ló ń dún tọ̀sán tòru. Sìlíńdà dúró síbi tí wọ́n fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n sípíríǹgì inú fáàfù ò pẹ́ tó fi kán. A pààrọ̀ rẹ̀, òmíràn tún kán.

Ohun tí a ṣe ni pé a fi àlàfo sí i: bí `s` bá ti kéré tó ìwọ̀n kan, kó má ṣe nǹkan kan rárá. Ariwo dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Délé_Kọ́nfátà

Èmi ò rí ìdí tí ẹ fi ń pariwo. Kí ó máa tàn kí ó máa kú, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kọ́nfátà tí mo fi ń sọ fólítì 48 di 12, síláídìn móòdù ló wà nínú rẹ̀, súwìṣì rẹ̀ ń ṣí ó ń tì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo kàn fi bèbè méjì sí i, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ó má baà yára ju bó ṣe yẹ lọ. Emelyanov àti Utkin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Moscow, àwọn ẹ̀rọ tí ìdarí wọn ń fò láti ọ̀kan sí òmíràn ni wọ́n ń wò nígbà náà. Ìgbọ̀nrìrì kì í ṣe àrùn.

Akin_Bódíjà

Táíwò, fi fílítà sí `u` kó tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Kí ó gé ohun gbogbo tó bá yára ju ìgbà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ìlà kan ni nínú kóòdù. Ó tán.

Táíwò_Apá

Ẹ̀gbọ́n Akin, mo ti dán ìyẹn wò kí n tó wá síbí. Kíkùn yẹn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fì sókè sódò, ó sì ń fì tó èyí tí ojú ń rí.

Ẹ̀gbọ́n Fáàfù, mo fi àlàfo sí i láàárọ̀ yìí. Bí apá bá nà gbọọrọ tó sì gbé ẹrù, ó ń já wálẹ̀ títí yóò fi dé etí àlàfo, yóò ta sókè, yóò tún já.

Màmá_Ìdarí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Táíwò, ohun tí o rí yẹn gan-an ló yẹ kí o rí. Fílítà tí Akin ní kí o fi sí i ń dá àṣẹ dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Ìdarí tó ń yí pa dà bí `s` bá ti gba òdo kọjá, bí àṣẹ rẹ̀ bá pẹ́, yóò ti kọjá jìnnà kó tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbígbọ̀n kékeré tó yára fi di fífì ńlá tó falẹ̀. Ní ti àlàfo, sìlíńdà Fáàfù lè dúró fúnra rẹ̀ bí fáàfù bá ti pa, torí afẹ́fẹ́ ti há sínú rẹ̀. Apá tìẹ kò rí bẹ́ẹ̀, ayé ń fà á wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Délé, òótọ́ lo sọ fún ara tìrẹ. Súwìṣì inú kọ́nfátà, wọ́n ṣe é kó lè máa ṣí kó máa tì ni, wáyà kíká tó wà níwájú rẹ̀ sì ń tẹ́ iná náà kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Táíwò ní eyín irin tó ń gbá ara wọn.

Kí á mọ ohun tó ń fà á ná. Ó lè jẹ́ pé mọ́tò ń pẹ́ kó tó gbọ́ àṣẹ. Ó lè jẹ́ pé kóòdù ń pẹ́ kó tó wo `s`. Ó sì lè jẹ́ ẹnkódà ló ń purọ́ nípa eré. Ṣe nǹkan méjì fún mi. Yí mílísẹ́kọ́ǹdì 5 sí 2, kí o tẹ́tí sí ohùn rẹ̀. Bí ohùn bá ròkè, inú kóòdù àti ẹnkódà ni kí a wá a sí. Bí ohùn bá wà bó ṣe wà, mọ́tò tàbí irin ni. Lẹ́yìn náà, dá a pa dà sí 5, kí o tẹ `s` àti `u` jáde nígbà tí apá dúró.

Akin_Bódíjà

Mo gbà, mà. Ṣùgbọ́n bí fílítà náà bá yára gan-an ńkọ́? Bíi kí ó gé láti ìgbà 80 lọ sókè?

Màmá_Ìdarí

Akin, ìyẹn kò ní ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fi bẹ́ẹ̀ wo nǹkan kan sàn pẹ̀lú.

Táíwò_Apá

Ohùn ròkè, mà. Ó ròkè gan-an, ó wá ń han. Ohun tó tẹ̀ jáde ní mílísẹ́kọ́ǹdì 5 rèé, bó ṣe ń lọ nìyí láìdúró:

```
s= 0.660  u=-12.0
s=-0.628  u= 12.0
s= 0.660  u=-12.0
s=-0.628  u= 12.0
```

Màmá_Ìdarí

Ó ti hàn. Wo 0.628 yẹn dáadáa.

Ẹnkódà rẹ ń ka 2000 ní yíyípo kan, nítorí náà ohun tó kéré jù tó lè rí jẹ́ 2π/2000, ìyẹn 0.00314 rédíánì. O ń pín in fún 0.005 kí o lè rí eré. Ó di 0.628. Ìyẹn ni pé bí oríkèé bá mì díẹ̀ tí ẹnkódà fi ka ẹyọ kan péré, kóòdù rẹ gbà pé ó ń sáré tó rédíánì 0.628 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá ka ẹyọ kan náà pa dà, ó gbà pé ó ń sáré bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn. φ tìẹ jẹ́ 0.05. Ẹyọ kan ṣoṣo ti kọjá φ ní ìlọ́po méjìlá. `sat` tí o kọ kò tíì ráyè tẹ́ nǹkan kan, `sign` ló ṣì jẹ́. Ìdí nìyẹn tí o kò fi rí ìyàtọ̀. Mọ́tò rẹ ń gba Nm 12 lọ, Nm 12 bọ̀, ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láti pa ẹyọ ẹnkódà kan.

Ìkejì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹnkódà rẹ tilẹ̀ dára bí wúrà, yóò ṣì máa gbọ̀n. Láàárín etí ìlà, ìyẹn ibi tí `s` wà láàárín -φ àti φ, agbára tí o ń fún mọ́tò jẹ́ K/φ nígbà `s`. Láàárín kíkà méjì, àkókò tí a ń pè ní T, agbára yẹn yóò yí `s` pa dà ní ìwọ̀n (K/φ)·T/J. Bí ìwọ̀n yẹn bá jẹ́ 1, `s` dé òdo lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ju 2 lọ, gbogbo ìgbésẹ̀ ń gbé e kọjá lọ sí òdì kejì ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí K/φ kọjá J/T. Ọwọ́ òfìfo ni kí o fi ṣe é, torí òun ló fúyẹ́ jù tó sì ń yára yí jù: 0.12/0.005 jẹ́ 24. Tìẹ jẹ́ 12/0.05, ìyẹn 240.

Pẹ̀lú K 12, φ gbọ́dọ̀ tó 0.5. Ṣùgbọ́n má tíì lọ yí i o, torí ẹnkódà ṣì ń purọ́: 0.628 nígbà 24 jẹ́ Nm 15, ó ṣì ju gbogbo agbára tí o ní lọ. Gbé ẹnkódà lọ sí ìdí mọ́tò, ṣáájú gíà. Ẹyọ kan yóò wá kéré ní ìlọ́po 30 lójú oríkèé, eré tó ń pa lé e yóò di 0.021, agbára tó ń mú wá yóò di nǹkan bíi Nm 0.5. Ìyẹn, fíríṣọ̀n inú gíà nìkan yóò gbé e mì.

Kọ́lá_Ìwádìí

Ẹ kú àlàyé, mà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń ṣe gbogbo èyí? Bí a bá ti fẹ etí ìlà dé 0.5, a ti pàdánù ohun tí síláídìn móòdù wà fún. Levant ti gbé súpà-tuwísìtì jáde láti 1993. `u` rẹ̀ kì í fò, ó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì ń gbé `s` dé òdo gan-an:

```
u = -k1*sqrt(fabs(s))*sign(s) + v;
v = v - k2*sign(s)*T;
```

L ni ìwọ̀n tí ìdààmú lè fi yára yí pa dà jù. Fi k1 sí 1.5 nígbà gbòǹgbò L, k2 sí 1.1 nígbà L. Ìgbọ̀nrìrì parí.

Màmá_Ìdarí

Kọ́lá, mo fẹ́ràn súpà-tuwísìtì, mo sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ka ohun tí o kọ sọ́kàn pa pọ̀ pẹ̀lú ohun tí Táíwò tẹ̀ jáde. `s` ń fò láti 0.66 sí -0.63 nítorí irọ́ ẹnkódà. Gbòǹgbò 0.63 jẹ́ 0.79. Nítorí náà `u` yóò máa fò láti -0.79 k1 sí 0.79 k1, gọ̀-gọ̀-gọ̀ kan náà. Kò sí ìdarí tó lè tún `s` tí kì í ṣòótọ́ ṣe.

Èkejì, o ní L ni ìwọ̀n tí ìdààmú lè fi yára yí pa dà jù. Nígbà tí apá bá gbé kílò 2 kúrò lórí tábìlì, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ ni ẹrù ń dé. Fíríṣọ̀n náà ń fò bí apá bá yí ojú pa dà. L mélòó lo fẹ́ fi sí i?

Kọ́lá_Ìwádìí

Ti ẹnkódà, mo gbà, mà. Ti ẹrù, mi ò gbà tán. Bí ẹrù bá dé lójijì, `s` yóò kúrò ní òdo fún ìgbà díẹ̀, `v` yóò kó ara rẹ̀ jọ, yóò tún pa dà. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Etí ìlà tiyín kì í pa dà sí òdo láéláé, níwọ̀n ìgbà tí ẹrù bá wà níbẹ̀.

Màmá_Ìdarí

Ìyẹn dá mi lójú pẹ̀lú, o jàre níbẹ̀. Ti fíríṣọ̀n ni mo ṣì di mú, torí pé òun ń fò ní gbogbo ìgbà tí apá bá fẹ́ dúró, ibẹ̀ gan-an ni a sì ti fẹ́ kó dákẹ́. Bí mọ́tò bá sì ń pẹ́ kó tó gbọ́ àṣẹ, súpà-tuwísìtì náà yóò máa fì díẹ̀. Ó ń dín in kù ni, kì í pa á tán.

Bàbá_Wáyà

Mo ti ń kà yín bọ̀ láti àárọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí láyè kí n fi ìṣirò kékeré kan kún un. Láàárín etí ìlà, `u` jẹ́ -(K/φ)·de -(K/φ)·λ·e. Ẹ fi nǹkan tí màmá sọ sí i: 24 nígbà `de`, 240 nígbà `e`. Kí lẹ ń pe ìyẹn? PD ni! Ọ̀nà Moscow lẹ gbà dé ilé PD. Táíwò ìbá ti tún PID rẹ̀ ṣe dáadáa níjọ́ kìíní.

Màmá_Ìdarí

Bàbá, PD ni lóòótọ́, nígbà tí a bá ti wọ inú etí ìlà. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí 240 àti 24 ti wá. K wá láti inú ìdààmú tó pọ̀ jù tí apá lè rí, λ wá láti inú bí a ṣe fẹ́ kí àṣìṣe yára kú sí, φ wá láti inú J àti T. Kò sí èyí tí a fọwọ́ tẹ̀ títí ó fi dùn ún wò. Bí ẹrù bá sì kọjá ohun tí a rò, a mọ ibi tí yóò ti ṣubú.

Táíwò, èyí ló kàn ọ́ jù. Kílò 2 ní mítà 0.3 jẹ́ Nm 6 bí apá bá nà gbọọrọ. Láti fa Nm 6, `s` gbọ́dọ̀ dúró sí 6/24, ìyẹn 0.25. Pín in fún λ, ó di 0.025 rédíánì, nǹkan bíi dígírì kan àti ààbọ̀. Iye tí o san fún ìdákẹ́jẹ́ nìyẹn. Bí o bá fẹ́ dín in kù láìfọwọ́ kan φ, sọ ohun tí o mọ̀ fún kóòdù. O mọ̀ pé ẹrù wà láàárín òfìfo àti kílò 2, gbà pé kílò 1 ni, kí `th` jẹ́ igun apá, òdo ni bó bá nà gbọọrọ:

```
u = 1.0*9.81*0.3*cos(th) - K*sat(s/phi);
```

Ìdààmú tó kù kò lè ju Nm 3 lọ mọ́, sókè tàbí sísàlẹ̀. Àṣìṣe yóò di ìdajì, nǹkan bíi dígírì 0.7. Bí o bá sì yára kóòdù sí mílísẹ́kọ́ǹdì 2, J/T di 60, àyè tún gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n irọ́ ẹnkódà náà yóò tún ga, kí o ṣírò rẹ̀ kí o tó ṣe é.

Ìwúwo apá fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀ o, fi tirẹ̀ kún un bákan náà.

Táíwò_Apá

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo gbé ẹnkódà lọ sí ìdí mọ́tò, φ di 0.5, mo fi ìlà ti ẹrù sí i. Ó dákẹ́! Mọ́tò ń lọ́ wọ́rọ́ lásán. Tí mo bá tẹ `u` jáde, kì í kọjá ìdajì Nm síwá sẹ́yìn. Pẹ̀lú kílò 2 àti láìsí rẹ̀, ìyàtọ̀ ibi tó dúró sí kò ju ohun tí ẹ sọ lọ, lójú ẹnkódà.

Nǹkan mìíràn ló wá yọjú. Bí mo bá di apá mú tí mo mì í, oríkèé ń yẹ̀ tó bíi dígírì kan, ẹnkódà kò sì mọ̀ rárá. Àyè inú gíà ni. Tẹ́lẹ̀, tí ẹnkódà wà lára oríkèé, ó ń rí i. Mo rò pé síláídìn móòdù ń gba àṣìṣe módẹ́ẹ̀lì mọ́ra?

Màmá_Ìdarí

Àṣìṣe tó bá gba ẹnu ọ̀nà kan náà tí mọ́tò ń gbà wọlé nìkan ló ń gbà mọ́ra. Ẹrù, fíríṣọ̀n, J tí a ṣì ṣírò, gbogbo wọn ń ti oríkèé níbi tí mọ́tò náà ti ń tì í. Àyè inú gíà wà láàárín mọ́tò àti oríkèé. Nígbà tí eyín kò bá kan ara wọn, mọ́tò kò ní ọwọ́ kankan lára oríkèé, K ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún.

Bàbá_Wáyà

Lo ẹnkódà méjì. Ti oríkèé fún `e`, ti mọ́tò fún `de`. Báyìí la ṣe ń ṣe é.

Fáàfù_Ọ̀ṣun

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti rí èyí náà tó gbọ̀n. Bí `e` bá wá láti oríkèé, mọ́tò yóò máa sáré nínú àyè gíà, yóò gbá eyín kan, yóò pa dà gbá èkejì. Ó falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, ṣùgbọ́n ó ń gbá a.

Bàbá_Wáyà

Tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrù ń fa eyín sí apá kan ṣoṣo, kò ní gbá nǹkan kan.

Màmá_Ìdarí

Tó bá nà gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá dúró ṣánṣán sókè ńkọ́, tí ẹrù kò fa ẹ̀gbẹ́ kankan? Táíwò, bí o bá fẹ́ dán ti bàbá wò, kọ́kọ́ mú λ wá sí 4 tàbí 5. K/φ má kúrò ní 24. Lẹ́yìn náà gbé apá sókè ṣánṣán pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, kí o tẹ̀ ẹ́ jáde fún wa.

Kọ́lá_Ìwádìí

Kó dán súpà-tuwísìtì wò pẹ̀lú, níwọ̀n bí ẹnkódà ti wà ní ìdí mọ́tò báyìí. Mi ò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ o.

Táíwò_Apá

Ẹnkódà kejì ni mi ò ní, mà. Mo ti béèrè iye rẹ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ ju ti mọ́tò lọ. Bí mo bá rí i rà, màá tẹ nǹkan jáde fún yín. Ní báyìí ná, mo ti ń wá gíà tí kò yẹ̀.